Bí Olùkọ́ Ṣe Ń To Àbá Ìwádìí Lórí Ọmọ Tí Kò Tíì Kàwé Já Geere

Àbá ìwádìí aṣàtúnṣe ni ìwé tí olùkọ́ máa ń kọ kó tó dá ọ̀nà tuntun kan láti fi yanjú ìṣòro tó wà nínú kíláàsì ara rẹ̀. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí ìwádìí àwọn onímọ̀ yunifásítì ni pé ẹni tó ń kọ́ni gan-an ló ń ṣèwádìí, kì í sì í dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá parí kó tó yí ọwọ́ padà. Kurt Lewin, onímọ̀ nípa ìhùwà ẹ̀dá tó ṣí kúrò ní Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí orúkọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tàn ká nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní ọdún 1946. Ìyípo ló pè é: kí èèyàn wéwèé, kó ṣe é, kó wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kó tún ètò tò lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ níṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà wà lára àwọn tó mú un wọ ilé ìwé nígbà tó yá.

Tí a bá sọ pé ọmọ ń kàwé já geere, ohun mẹ́ta ló ti pé sí i lára. Ó ń pe ọ̀rọ̀ bó ṣe wà nínú ìwé. Kì í pẹ́ kó tó pè é. Ó sì ń kó ọ̀rọ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tó ń dánu dúró níbi tó yẹ. David LaBerge àti Jay Samuels ṣàlàyé ní ọdún 1974 pé àfiyèsí ọpọlọ ní ìwọ̀n. Ọmọ tó bá ń ná gbogbo rẹ̀ sórí lẹ́tà, kò ní sí èyí tó ṣẹ́ kù fún ìtumọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè tiraka ka gbólóhùn kan dé òpin, kí olùkọ́ bi í pé kí ló kà, kó wá máa wo òrùlé.

Orí ìṣòro ni àbá ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. “Àwọn ọmọ kò mọ ìwé kà” kì í ṣe ìṣòro tí a lè ṣèwádìí lé lórí, ẹ̀hónú ni. Àwọn mìíràn a kọ ojú ewé mẹ́ta lórí bí ìwé kíkà ṣe wúlò fún orílẹ̀-èdè, láìmẹ́nu kan ọmọ kan ṣoṣo nínú àwọn tó jókòó síwájú wọn. Ohun tí abala àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ ni kíláàsì tí ọ̀rọ̀ kàn, iye ọmọ tó wà níbẹ̀, èdè tí wọ́n ń kà, àti ohun tí olùkọ́ bá pàdé nígbà tó wọn ìwé kíkà wọn. Kò sí bí èèyàn ṣe lè kọ ọ́ láìjẹ́ pé ó ti jókòó gbọ́ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ìwọ̀n ló ń ṣáájú àbá, kì í ṣe àbá ló ń ṣáájú ìwọ̀n.

Èdè ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ yàn. Ọmọ kíláàsì kẹta ní ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń ka Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, ohun tó sì ń dá a dúró nínú ọ̀kan lè má sí nínú èkejì. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó lè pe ọ̀rọ̀ láìmọ ohun tó túmọ̀ sí rárá. Nínú Yorùbá, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nílé láìmọye ìgbà, ojú rẹ̀ ni kò tíì dá a mọ̀ nínú ìwé. Olùkọ́ tó bá yan Yorùbá lè tọ́ka sí ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà tí wọ́n lò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ àbá tó bá fẹ́ gbá èdè méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà á di ìwádìí méjì, sáà kan kò sì gbà wọ́n. Yorùbá ni èyí tí a ó tẹ̀lé níbí.

Ọ̀nà tí a ń gbà wọn ìwé kíkà kò le. Stanley Deno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minisótà ní Amẹ́ríkà ló fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ á jókòó ti olùkọ́, á ka àyọkà tí kò tíì rí rí sókè fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀dà àyọkà kan náà á wà lọ́wọ́ olùkọ́, á máa fa ìlà sí ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá ṣì pè tàbí tó bá fò. Tí ọmọ bá dúró níwájú ọ̀rọ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 3, olùkọ́ á sọ ọ́ fún un, á sì kà á mọ́ àṣìṣe. Èyí tí ọmọ bá fúnra rẹ̀ tún pè kí àkókò yẹn tó pé kì í ṣe àṣìṣe. Bí ọmọ bá ka ọ̀rọ̀ 31, tó ṣi 3 nínú rẹ̀ pè, ọ̀rọ̀ 28 ló kà tọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ọmọ mìíràn bá ka àyọkà ọlọ́rọ̀ 60 tán ní ìṣẹ́jú àáyá 48 pẹ̀lú àṣìṣe 3, a ó fi 48 pín 57, a ó wá sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 60. Iye rẹ̀ á jẹ́ bíi 71. Àyọkà mẹ́ta ni ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ń kà, iye tó bọ́ sí àárín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì ń kọ sílẹ̀, kí àyọkà kan tó ṣèèṣì le jù má baà ba ìwọ̀n jẹ́.

Ibi tí àbá olùkọ́ Yorùbá ti yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé àwọn aláwọ̀ funfun ni òfin tí yóò fi mọ ohun tó jẹ́ àṣìṣe. Àmì ohùn ló ń ṣáájú. Tí àyọkà bá ní “Bàbá gbé ọkọ́ lọ sóko”, tí ọmọ sì pe “ọkọ̀”, ohun mìíràn ló kà, àṣìṣe sì ni. Kí òfin yìí tó lè múlẹ̀, gbogbo àmì tó yẹ gbọ́dọ̀ wà lórí àyọkà, nítorí kò sí ẹ̀tọ́ láti dá ọmọ lẹ́bi lórí àmì tí wọn kò tẹ̀ síbẹ̀. Èdè ilé ọmọ ló kàn. Ní Ìbàdàn àti àgbègbè Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ ni kì í ya “ṣ” sọ́tọ̀ kúrò lára “s” nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọmọ Ìbàdàn tó bá rí “ṣe”, tó sì pè é bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é, ti ka ọ̀rọ̀ náà. Olùkọ́ tó bá fi í ṣe àṣìṣe, ẹ̀ka-èdè ló ń wọ̀n, kì í ṣe ìwé kíkà.

Àrànmọ́ ló tún máa ń tan olùkọ́ jẹ. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, fáwẹ́lì méjì tó bá pàdé a máa ya mọ́ ara wọn, tó fi jẹ́ pé “ilé ìwé” á dún bí “iléèwé”, “ará ilé” náà á sì dún bí “aráalé”. Ọmọ tó ń tú sílébù kọ̀ọ̀kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. I, lé, ì, wé ni yóò máa kà bí ẹni tó ń ka owó ẹyọ. Tí ọmọ kan bá wá ka “iléèwé” láìdúró, olùkọ́ tó gba òfin mọ́yàá lè fa ìlà sí i, bẹ́ẹ̀ àmì pé ọmọ ti ń kó ọ̀rọ̀ pọ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjì tó tọ́ ni kí a kà á sí. Ó yẹ kí gbogbo òfin wọ̀nyí wà nínú àbá, nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá ka àbá náà gbọ́dọ̀ lè mú bírò, kó gbọ́ ọmọ kan náà, kó sì rí iye kan náà.

Àyọkà fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ìṣọ́ra. Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ wà lára ìwé tí olùkọ́ kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí, ṣùgbọ́n àwọn ewì inú rẹ̀ tí ọmọ ti mọ̀ lórí kò yẹ fún ìwọ̀n. Ọmọ lè kà á tán láìwo ìwé. Ìwé àtijọ́ tún ní àkọtọ́ tirẹ̀. Kó tó di àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, “aiye”, “enia” àti “nwọn” ni wọ́n ń kọ, ọmọ tí a fi “ayé”, “ènìyàn” àti “wọ́n” kọ́ á sì kọsẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ̀bi. Ohun tó dára jù ni kí olùkọ́ kọ àyọkà tirẹ̀, ìtàn kéékèèké ọlọ́rọ̀ 60 sí 80 nípa ọjà, ewúrẹ́, òjò tàbí ọjọ́ ọdún. Kó fi àwọn àyọkà náà lọ ọmọ bíi mẹ́fà nínú kíláàsì kẹta mìíràn, kó sì yọ èyí tí gbogbo wọn bá kọsẹ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Tí àyọkà ọ̀sẹ̀ kìíní bá rọrùn ju ti ọ̀sẹ̀ kẹjọ lọ, yóò dà bí ẹni pé àwọn ọmọ ń rẹ̀yìn nígbà tí wọ́n ń tẹ̀síwájú.

Ká mú àpẹẹrẹ kíláàsì kẹta kan tó ní ọmọ 42. Ìwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, nítorí náà kíláàsì náà á gba wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, èyí tí olùkọ́ lè pín sí ọjọ́ márùn-ún. Ká sọ pé ọmọ 11 ka ọ̀rọ̀ 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, ọmọ 17 wà láàárín 20 sí 44, ọmọ 14 kò sì tó 20. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á kọ iye yìí sílẹ̀, wọ́n á sì sáré bọ́ sórí ọ̀nà àbáyọ. Ohun tó yẹ kó kàn ni ìdí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i lọ́dọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan tó fún un: kí ọmọ ka lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, “gb”, “ẹ”, “ọ” àti “ṣ” pẹ̀lú, lẹ́yìn náà kó ka sílébù bíi ba, gbọ, kún àti ṣẹ̀ láìsí nínú ọ̀rọ̀.

Níbí ni àwùjọ méjì á ti yà kúrò lára ara wọn. Ká ní púpọ̀ nínú àwọn 14 kò dá “ọ” mọ̀ yàtọ̀ sí “o”, wọ́n ń pe “gb” bíi “b”, wọ́n sì ń wo lẹ́tà àkọ́kọ́ méfò ìyókù. Àwọn 17 mọ lẹ́tà àti sílébù, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ 90 nínú ọgọ́rùn-ún tọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń so sílébù pọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lórí òkúta. Àtúnṣe kan kò lè bá àwọn méjèèjì mu. Kíka ohun kan náà ní àkàtúnkà kò lè kọ́ ọmọ ní lẹ́tà tí kò mọ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ni yóò máa tún kà títí yóò fi mọ́ ọn lára. Nítorí náà àwọn 17 ni àbá yìí wà fún, kó sì sọ ọ́ gbangba pé àwọn 14 nílò ẹ̀kọ́ lẹ́tà àti sílébù, àti ohun tí olùkọ́ yóò ṣe fún wọn nígbà tí ètò bá ń lọ. Alábòójútó tó mọṣẹ́ á bi í léèrè pé àwọn tó kù ńkọ́. Ìdáhùn kan ni pé kí àwọn 11 tó ti mọ̀ ọ́n máa bá àwọn 14 fi káàdì sílébù ṣeré, kí àbá sì dárúkọ káàdì náà.

Lẹ́yìn ìdí ni ìbéèrè. Ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta ti tó, ó sì yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tí a ó fi dáhùn rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìkíní ni pé báwo ni iye ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ 17 ń kà tọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan nínú àyọkà tuntun yóò ṣe yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ 8 tí wọ́n bá fi ń ka àyọkà ní àkàtúnkà ní méjì-méjì. Èkejì ni pé ṣé wọn yóò máa kó ọ̀rọ̀ pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń kà. Ẹ̀kẹta ni pé ṣé ohun tí wọ́n ń rántí nínú ìtàn yóò pọ̀ sí i. Gbólóhùn náà “nínú àyọkà tuntun” ni ọkàn ìbéèrè àkọ́kọ́. Ọmọ tó bá ka ohun kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin yóò yára lẹ́ẹ̀kẹrin, kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ohun tí à ń wá ni bóyá ìyára náà bá a dé ibi tí kò dé rí.

Àyẹ̀wò iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé kan àti ààbọ̀ lọ, kó sì jẹ́ kìkì èyí tó kan ìdí àti àtúnṣe. Ní ọdún 1979, Jay Samuels gbé iṣẹ́ kan jáde nípa àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń dà láàmú: ó ní kí wọ́n máa ka àyọkà kúkúrú ní àkàtúnkà títí yóò fi já geere lẹ́nu wọn kí wọ́n tó bọ́ sórí òmíràn. Bí àyọkà ṣe ń yí padà ni kíkà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ka èyí tuntun pàápàá ń yára sí i. Ní ọdún 2000, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lórí ìwé kíkà yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò, wọ́n sì rí i pé àkàtúnkà sókè, níbi tí ẹnì kan ti ń tọ́ ọmọ sọ́nà, ń ṣe é ní àǹfààní. Wọn kò rí ẹ̀rí tó tó láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa fífi ọmọ sílẹ̀ kó máa kàwé sínú nìkan. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi kún un pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe àwọn ìwádìí náà. Iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ọmọ Amẹ́ríkà kò ṣeé gbé wá síbí, nítorí “ó”, “ní”, “sì”, “bá” àti irú wọn kún inú gbólóhùn Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan Yorùbá kò sì dọ́gba pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọmọ máa bá ìwọ̀n ara rẹ̀ díje.

Abala àtúnṣe ló yẹ kó gùn jù nínú àbá, òun ló sì máa ń kúrú jù. “Olùkọ́ yóò lo ọ̀nà àkàtúnkà” kò tó. Kó kọ ọ́ débi pé ẹni tó bá gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la lè máa bá a lọ. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ètò náà á máa gba ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ á ka àyọkà náà sókè lẹ́ẹ̀kan bó ṣe yẹ kó dún, àwọn ọmọ á máa fi ìka tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn á wá jùmọ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á pín ní méjì-méjì: ọ̀kan á ka odindi rẹ̀, èkejì á máa fi ojú bá a lọ, á sì sọ ọ̀rọ̀ tó bá ṣì pè fún un; wọ́n á pààrọ̀ ipò, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á tún kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àyọkà mìíràn ló kàn lọ́jọ́rú. Àyọkà 16 ni olùkọ́ máa nílò fún ọ̀sẹ̀ 8, yàtọ̀ sí ti ìwọ̀n, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á máa kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ kẹta lọ kó tó rẹ̀ ẹ́.

Bí a ṣe ń pín àwọn ọmọ ní ọgbọ́n tirẹ̀. A ó to orúkọ wọn láti orí ẹni tó kà jù dé ẹni tó kà kéré jù, a ó gé e sí méjì, a ó so ẹni àkọ́kọ́ nínú apá òkè mọ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú apá ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títí dé òpin. Báyìí, aláìyára kò ní pàdé ẹni tó jìnnà sí i jù tí yóò fi máa jù ú sílẹ̀. Nítorí pé 17 kò ṣeé pín sí méjì, ọmọ mẹ́ta á wà lójú kan.

Ẹ̀rí máa ń wá láti ọ̀nà mẹ́rin. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ka àyọkà tuntun fún ìṣẹ́jú kan, iye rẹ̀ á sì lọ sórí àwòrán onílà tirẹ̀. Olùkọ́ á tún fún un ní ipele láti 1 sí 4: 1 ni kíka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, 2 ni kíkó ọ̀rọ̀ méjì-méjì, 3 ni mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́rin-mẹ́rin, 4 sì ni kíkà tó ń tẹ̀ lé ìtumọ̀. Lẹ́yìn kíkà, ọmọ á pa ìwé dé, á sì sọ ìtàn náà. Olùkọ́ á ka iye kókó tó rántí nínú márùn-ún. Ẹ̀rí kẹrin ni ìwé àkọsílẹ̀ olùkọ́, ìlà márùn-ún lójúmọ́: ẹni tí kò wá, méjì tó ń ṣeré dípò kí wọ́n kàwé, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn kọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rí ìtàn sísọ ló ń tú àṣírí ọmọ tó ti sọ kíkà di eré sísá. Tí iye ọ̀rọ̀ ọmọ kan bá ń gòkè, tí kókó tó ń rántí sì ń bọ́ láti 4 sí 2, aago ló ń bá jà, kì í ṣe ìwé. Ó sàn kí wọ́n gbé aago pamọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ni, tó sì ń wọ̀n, ojú àánú lè wọ inú rẹ̀. Kó fi fóònù gba ohùn ọmọ márùn-ún sílẹ̀, kí olùkọ́ mìíràn gbọ́ ọ, kó sì fa ìlà tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ 200 bá wà nínú ohun tí wọ́n jọ gbọ́, tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí 184, ìyẹn jẹ́ 92 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dára. Tí kò bá tó 90, òfin àṣìṣe ni kò yé èèyàn, kí wọ́n tún un kọ.

Ọmọ ń dàgbà, kíláàsì ń lọ, ìwé kíkà á sì sunwọ̀n díẹ̀ bí olùkọ́ kò tilẹ̀ dá nǹkan kan. Àbá tó dára ń fi àyè sílẹ̀ láti yọ ìyẹn kúrò. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí a wọn àwọn 17 náà lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí olùkọ́ ń kọ àyọkà rẹ̀. Ká ní ọmọ kan ka 28, 29 àti 31: bí ọ̀rọ̀ 1.5 ló ń fi kún un lọ́sẹ̀ láìsí àtúnṣe. Tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, yóò wà ní 43 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8. Tó bá wá dé 51, ọ̀rọ̀ 8 tó lé ni olùkọ́ lè fojú sùn pé ó ti ara ètò náà wá, kì í ṣe gbogbo 20 tó fi gòkè láti 31. Olùkọ́ tó bá kọ 20 kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ tán. Fún ọmọ 17 nínú kíláàsì kan, àwòrán onílà ti ọmọ kọ̀ọ̀kan ń sọ ju ìṣirò ńlá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ṣe àbá lọ́ṣọ̀ọ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ibi tí ìyípo Lewin ti ń hàn, àbá sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí ìlà rẹ̀ kò bá gòkè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léraléra, kí olùkọ́ wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: ṣé kò wá sílé ìwé déédéé ni, ṣé òun àti ẹnì kejì rẹ̀ kò mọwọ́ ara wọn ni, àbí àyọkà ló le jù? Èyí tó kẹ́yìn yìí rọrùn láti mọ̀, nítorí ọmọ tó ń ṣi ju 1 lọ pè nínú ọ̀rọ̀ 10 ti wà lórí ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Kí a pààrọ̀ ẹnì kejì tàbí àyọkà, kí a kọ ọjọ́ tí a ṣe é, kí a sì fa ìlà sójú àwòrán níbẹ̀. Àbá tí kò fi àyè sílẹ̀ fún irú àtúnṣe yìí kì í ṣe ti ìwádìí aṣàtúnṣe, bó ti wù kí orúkọ náà hàn tó lójú ewé àkọ́kọ́.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Àṣẹ ọ̀gá ilé ìwé àti ìyọ̀ǹda òbí ṣe pàtàkì, kí a sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún òbí lẹ́nu, kì í ṣe ìwé nìkan. Nọ́ńbà ni kí a fi pe ọmọ nínú àkọsílẹ̀, kí a pa ohùn tí a gbà sínú fóònù rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí a má sì lẹ àwòrán ọmọ kankan mọ́ ara ògiri. Ní ti àkókò, sáà ọlọ́sẹ̀ 13 gba ètò yìí: 3 fún ìwọ̀n àkọ́kọ́, 8 fún àtúnṣe, 1 fún ìwọ̀n ìkẹyìn, ọ̀kan tó kù fún ìdánwò ilé ìwé. Owó tó ń ná ni ti ẹ̀dà àyọkà, káàdì àti bírò.

Àkọlé ni kí olùkọ́ kọ gbẹ̀yìn, nígbà tó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe àti àwọn tó fẹ́ ṣe é fún. “Ìmúgbòòrò ìwé kíkà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà” ju kíláàsì kan lọ, kò sì sọ nǹkan kan. “Lílo àkàtúnkà ní méjì-méjì fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta tó mọ sílébù ṣùgbọ́n tí kò tíì ka Yorùbá já geere” sọ ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún, ohun tí a ó ṣe àti èdè tí a ó fi ṣe é. Olùkọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ àyọkà mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó tẹ àmì ohùn sí i, kó sì pe ọmọ àkọ́kọ́ sídìí tábìlì.